Wọ́n yọ £50,000 kúrò, ṣùgbọ́n "níbo lo ti rówó?" ṣì wà níbẹ̀

Bí ẹ bá béèrè nípa físà oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn éjẹ́ǹtì lónìí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé "kò sí iye owó pàtó mọ́ o, ẹ wá forúkọ sílẹ̀." Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì òótọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023 ni físà tí wọ́n ń pè ní Innovator Founder gba ipò èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ìgbà náà ni òfin tó ní kí èèyàn mú £50,000 kalẹ̀ sì kógbá wọlé. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti ti físà àwọn olówó ńlá tó ń béèrè £2 mílíọ̀nù pa, torí wọ́n ń bẹ̀rù owó tí kò ní orísun gidi. Ẹ so méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wo bí owó rẹ ṣe pọ̀ tó mọ́. Ibi tó ti wá, ọ̀nà tó gbà dé, àti bóyá ó tó fún òwò tí o kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ físà rárá, ẹ máa kọ́kọ́ pàdé ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti yẹ òwò wò, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. £1,000 ni owó àyẹ̀wò náà. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wá: ṣé òwò yìí jẹ́ tuntun lóòótọ́, ṣé ó ṣeé ṣe, ṣé ó sì lè gbòòrò débi tó máa gba àwọn mìíràn síṣẹ́? Lẹ́tà tí wọ́n máa kọ gbọ́dọ̀ tún sọ pé kò sí ohun tó kọ wọ́n lóminú nípa orísun owó yín àti ọ̀nà tí ẹ gbà fi í ránṣẹ́. Gbólóhùn kan yìí ló ń já ọ̀pọ̀ èèyàn wa sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká sọ pé ọ̀dọ́bìnrin kan ń ta ata àti tòmátì fún àwọn ilé oúnjẹ n'Íbàdàn. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Nàìjíríà sí Peckham. Òwò tó lè mówó wọlé ni, àmọ́ físà yìí kọ́ ló wà fún un. Ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ti kún Peckham, kò sí tuntun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ṣe áàpù tó ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ iye ata tí wọ́n máa nílò lọ́sẹ̀, kó má baà jẹrà. Ó fẹ́ lo irú rẹ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lè máa para pọ̀ ra ọjà. Èyí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, torí iṣẹ́ tó mọ̀ ló ti jáde.

Ó ní òun máa gba £60 lóṣù lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ìnáwó òwò náà sì máa jẹ́ £1,500 lóṣù. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò máa ṣírò ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Ṣọ́ọ̀bù 25 ló máa gbé ìnáwó yẹn. Tó bá jẹ́ pé 12 péré ló rí, £720 ló ń wọlé, àlàfo £780 sì máa wà lóṣooṣù. Pẹ̀lú £30,000 lọ́wọ́, ó lè fara dà á fún bí oṣù 38. Ó dára bẹ́ẹ̀, àbí? Ẹni yẹn á wá béèrè pé: kí ni ìwọ fúnra rẹ á máa jẹ, níbo lo máa gbé? Owó ilé àti oúnjẹ rẹ̀ kò sí nínú £1,500 yẹn. Bí ìyẹn bá jẹ́ £1,300 lóṣù, àlàfo náà di £2,080, owó náà á sì tán lẹ́yìn bí oṣù 14. Ibi tí ìwé òwò tó dán máa ń fọ́ sí nìyẹn. Kò pọn dandan kí ẹ kọ èrè ńlá síbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí owó máa tán, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún láti ọwọ́ àwọn onílé ìtajà tó ti gbà láti dán áàpù náà wò lágbára ju ogún ojú ìwé àwòrán aláràbarà lọ.

Ó wá ku ibi tí £30,000 ti wá. Ká ní £12,000 jẹ́ èrè òwò rẹ̀: ìwé àkọsílẹ̀ báńkì ọdún bíi mélòó kan àti rìsíìtì owó orí ló máa gbè é lẹ́yìn. £10,000 jẹ́ owó ilẹ̀ tó tà: ó nílò ìwé tó fi ra ilẹ̀ náà tàbí tó fi jogún rẹ̀, àdéhùn títà, àti ẹ̀rí pé ẹni tó rà á ló san owó náà sí báńkì rẹ̀. £8,000 tó kù jẹ́ ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: lẹ́tà ẹ̀bùn nìkan ò tó, ẹ̀gbọ́n náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ òun lòun ti rí i. Bí àjọ bá wà níbẹ̀, káàdì alájọ àti ọjọ́ tó kó o gbọ́dọ̀ bá ohun tó wọ báńkì mu. Owó ńlá tó ṣàdédé balẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìwé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ọ̀nà tí owó gbà dé ló wá burú jù fún wa. Ẹ fún abókí ní náírà n'Íbàdàn, pọ́n-ùn sì balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti inú àkáǹtì ẹnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí. Ní tiyín, owó yín ni. Nínú ìwé, owó àjèjì ni, kò sì sí ohun tó so ó mọ́ ilẹ̀ tí ẹ tà. Láti àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yín sí òmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yín ni kí ẹ gbà, bó tilẹ̀ máa náni díẹ̀ sí i.

Èmi tí mo kàwé òfin, ọ̀rọ̀ éjẹ́ǹtì tó ń ta ìwé òwò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló ń bí mi nínú jù. Òfin sọ pé ẹni tó ń gba físà ló gbọ́dọ̀ ronú òwò náà kalẹ̀, tàbí kó lọ́wọ́ gidi nínú rẹ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ máa darí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá bi yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ £60, tí ẹ ò mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Kò sì tán síbẹ̀. Ó kéré tán, ẹ máa jókòó pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí yín lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn oṣù 12 àti lẹ́yìn oṣù 24, £500 nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá yọwọ́, ìjọba lè dín ọjọ́ tí ẹ ní kù.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ dúró títí lọ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán méjì ṣẹ nínú ìlànà méje. Ọ̀kan lára wọn ni pé wọ́n ti ná £50,000 sórí òwò náà. Ẹ rí i pé iye náà ò lọ síbì kankan. Wọ́n kàn yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni, ó ṣì wà nínú yàrá. Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún éjẹ́ǹtì, ẹ kọ ìtàn owó yín sínú ìwé kan, láti ibi tí náírà àkọ́kọ́ ti wá dé ibi tó dúró sí lónìí. Ibi tí ẹ bá ti dákẹ́ nínú ìtàn yẹn ni wọ́n máa ti bi yín ní ìbéèrè.