Ọ̀rọ̀ adípò fún ṣáàtì

Ọ̀rọ̀ adípò ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a so mọ́ àwòrán lórí ojúewé ayélujára. Kì í hàn sí ojú, ṣùgbọ́n ètò akàwésókè, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sétí afọ́jú, máa ń kà á jáde. Nínú kóòdù HTML, inú `alt` ni a ń kọ ọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán yàtọ̀ sí i: òun ni a kọ sábẹ́ àwòrán ní gbangba, tí ẹni tí ń ríran àti ẹni tí kò ríran jọ ń kà. Bí àwòrán bá jẹ́ fọ́tò, gbólóhùn kan sábà máa ń tó láti ṣàpèjúwe rẹ̀. Ti ṣáàtì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohun tí olùkàwé ń wá nínú rẹ̀ ni bí àwọn òǹkà ti rí sí ara wọn: èwo ni ó pọ̀ jù, èwo ni ó kéré jù, báwo sì ni àlàfo àárín wọn ti fẹ̀ tó.

## Ohun tí afọ́jú ń gbọ́

Àwọn ètò akàwésókè tí a mọ̀ jù ni JAWS àti NVDA lórí Windows, VoiceOver lórí ẹ̀rọ Apple, àti TalkBack lórí fóònù Android. Kóòdù ojúewé ni wọ́n gbójú lé. Nígbà tí ètò náà bá dé ibi àwòrán, yóò sọ fún olùgbọ́ pé àwòrán ni, yóò sì ka ohun tí ó bá wà nínú `alt`. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọ̀rọ̀ adípò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àwòrán kan tí ó ń fi hàn pé”. Olùgbọ́ ti gbọ́ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Bí kò bá sí `alt` rárá, orúkọ fáìlì ni ètò náà sábà máa ń kà, olùgbọ́ á sì gbọ́ nǹkan bí `chart_final2.png`. Bí ẹni tí ó kọ ojúewé bá sì fi `alt=""` sílẹ̀ lófìfo, ètò náà yóò fo àwòrán náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Èyí tọ́ fún òdòdó tí a fi ṣe ojúewé lọ́ṣọ̀ọ́. Bí a bá ṣe é fún ṣáàtì, a ti fi ìmọ̀ pamọ́ fún olùkàwé láì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohunkóhun sọnù.

Ohùn kan tí kò ní ìpín ni ọ̀rọ̀ adípò jẹ́ létí. Olùgbọ́ lè dá a dúró tàbí kí ó tún un gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè rìn kiri inú rẹ̀ bí ẹni tí ń rìn nínú àtẹ. Àtẹ tí a kọ dáadáa ní tirẹ̀ jẹ́ kí ó ṣeé ṣe: nínú NVDA àti JAWS, bí olùkàwé bá di Ctrl àti Alt mú, tí ó sì ń tẹ àwọn bọ́tìnnì olófà, yóò máa lọ láti àpótí kan sí èkejì, ètò náà yóò sì máa sọ orúkọ ọ̀wọ̀n tàbí ìlà tí ó wà. Nítorí náà, ibi tí òǹkà kíkún yẹ kí ó wà ni àtẹ, kì í ṣe inú `alt`.

## Àpẹẹrẹ kan: ìkànìyàn ọdún 2006

Ẹ jẹ́ kí a mú ṣáàtì olópòó kan tí ó fi iye ènìyàn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ó wà ní Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà hàn, gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006 ti kà á. Òpó kan dúró fún ìpínlẹ̀ kan. Àwọn òǹkà tí a fi yà á nìyí:

| Ìpínlẹ̀ | Iye ènìyàn |
|---|---|
| Èkó | 9,113,605 |
| Ọ̀yọ́ | 5,580,894 |
| Ògùn | 3,751,140 |
| Oǹdó | 3,460,877 |
| Ọ̀ṣun | 3,416,959 |
| Èkìtì | 2,398,957 |

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a kọ “Ṣáàtì iye ènìyàn” kí a sì dákẹ́. Olùgbọ́ mọ̀ báyìí pé ṣáàtì kan wà, kò sì mọ ohun kan nínú rẹ̀. Àṣìṣe kejì ni òdìkejì rẹ̀, àwọn tí ó ní ọkàn rere ni ó sì sábà máa ń ṣe é: wọ́n á to gbogbo òǹkà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú `alt` láìdín ẹyọ kan. Nígbà tí ohùn bá máa fi ka òǹkà kẹrin, èkíní ti kúrò lórí olùgbọ́. Ẹni tí ń ríran kì í ka òǹkà wọ̀nyí náà. Ohun tí ó rí ní ìwòye àkọ́kọ́ ni òpó kan tí ó ga fíofío, òmíràn tí ó tẹ̀ lé e láti ọ̀nà jíjìn, mẹ́ta tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, àti ọ̀kan tí ó kúrú. Ìrísí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ adípò níláti gbé kalẹ̀:

```
<img src="ikaniyan-2006.png" lang="yo"
 alt="Ṣáàtì olópòó: iye ènìyàn ìpínlẹ̀ mẹ́fà
 ní 2006. Èkó ló pọ̀ jù, mílíọ̀nù 9.1; Ọ̀yọ́
 tẹ̀ lé e, mílíọ̀nù 5.6. Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀ṣun
 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, láàrin mílíọ̀nù 3.4 sí 3.8.
 Èkìtì ló kéré jù, mílíọ̀nù 2.4.
 Òǹkà kíkún wà nínú àtẹ ìsàlẹ̀.">
```

Irú ṣáàtì ni ó ṣáájú, nítorí pé ó sọ fún olùgbọ́ irú ìfiwéra tí ó ń bọ̀. Ohun tí a ń wọ̀n àti ọdún rẹ̀ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìrísí, láti orí èyí tí ó ga jù dé èyí tí ó kúrú jù, kí olùgbọ́ tí ó bá dá ohùn dúró lágbedeméjì ti gbọ́ èyí tí ó ṣe pàtàkì jù. A gé òǹkà sí ẹyọ kan lẹ́yìn ààmì mílíọ̀nù, nítorí pé “mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀” rọrùn fún etí láti gbà ju òǹkà oníye méje lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn tọ́ka ibi tí ẹni tí ó fẹ́ òǹkà gan-an yóò lọ.

A kó ìpínlẹ̀ mẹ́ta àárín pọ̀ mọ́ ara wọn pẹ̀lú ìdí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin Oǹdó àti Ọ̀ṣun kò tó ènìyàn 44,000. Bí mílíọ̀nù kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan lórí ṣáàtì, ìyàtọ̀ náà kò tó ìdajì mìlímítà. Ojú kò lè rí i dájú. Bí ọ̀rọ̀ adípò bá ní “Oǹdó ju Ọ̀ṣun lọ”, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó fún afọ́jú ní ìtumọ̀ tí ṣáàtì kò fún ẹnikẹ́ni. Nínú àtẹ, ẹni tí ó bá fẹ́ yóò rí i.

## Òǹkà ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe gíga òpó

Ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ adípò lè ṣìnà bí ó bá ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan. Ká ní ẹni tí ó ya ṣáàtì òkè yìí bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti orí mílíọ̀nù 2 dípò òdo. Òpó Èkìtì yóò ga ní ìwọ̀n 0.4, ti Èkó yóò sì ga ní 7.1, tí yóò fi dà bí ẹni pé Èkó pọ̀ ju Èkìtì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjìdínlógún. Nínú òǹkà gan-an, kò tilẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin. Bí ọ̀rọ̀ adípò bá sọ pé Èkìtì “kéré gan-an sí Èkó”, ó ti gba ìtànjẹ ojú, ó sì ti gbé e fún ẹni tí kò ní ọ̀nà láti wo ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí a kọ ìfiwéra láti inú òǹkà, kí a sì fi kún un pé ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù 2. Ó sàn jù kí a tún ṣáàtì náà yà.

Àwọ̀ náà ní tirẹ̀. “Ìlà pupa borí ìlà búlúù” kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò rí wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì wúlò fún ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ mìíràn. Orúkọ ohun tí ìlà dúró fún ni kí a dá.

## Ibi tí ìtumọ̀ yẹ kí ó wà

Ní ọdún 2021, Alan Lundgard àti Arvind Satyanarayan ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ tí a lè sọ nípa ṣáàtì sí ipele mẹ́rin. Ipele kìíní ni bí a ti ya ṣáàtì náà: irú rẹ̀, àkọlé rẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èkejì ni òǹkà: èyí tí ó pọ̀ jù, èyí tí ó kéré jù, ìfiwéra. Ẹ̀kẹta ni ìrísí gbogbo rẹ̀: ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó kó jọ sí ibì kan. Ẹ̀kẹrin ni ìtumọ̀ tí ó ti òde wá, irú bí ìtàn tàbí ìdí tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi afọ́jú 30 àti àwọn tí ń ríran 90 léèrè èyí tí ó wúlò jù, ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba. Àwọn tí ń ríran fẹ́ ipele kẹrin ju àwọn afọ́jú lọ. Púpọ̀ nínú àwọn afọ́jú fẹ́ kí a fún wọn ní òǹkà àti ìrísí, kí wọ́n lè fúnra wọn túmọ̀ rẹ̀.

Ìpín iṣẹ́ láàrin `alt` àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ti inú èyí hàn. Ipele mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ti `alt`. Orísun, ọjọ́, àríyànjiyàn àti èrò òǹkọ̀wé jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, níbi tí gbogbo olùkàwé ti lè rí wọn kí wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Fún ṣáàtì wa, a lè kọ sísàlẹ̀ pé:

“Iye ènìyàn ní Gúúsù-Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, oṣù kẹta ọdún 2006, láti ọwọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ka ènìyàn. Èkó nìkan kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gba òǹkà tirẹ̀. Ó ní ìkànìyàn tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lé ní mílíọ̀nù 17.”

Àríyànjiyàn yìí kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sínú `alt`, nítorí ẹni tí ń ríran kò ní mọ̀ nípa rẹ̀. Kò sì yẹ kí a da ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ kọ sínú `alt`, nítorí ètò akàwésókè ń ka méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni olùgbọ́ yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní gbọ́ nípa ṣáàtì fúnra rẹ̀.

## Èdè àti ìdánwò

`lang="yo"` tí ó wà nínú kóòdù òkè ń sọ fún ètò akàwésókè pé Yorùbá ni ó fẹ́ kà. Bí kò bá sí ohùn Yorùbá lórí ẹ̀rọ náà, ohùn èdè mìíràn ni yóò kà á, ààmì ohùn sì lè sọnù lẹ́nu rẹ̀. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kúkúrú àti òǹkà díẹ̀ ni ó ṣeé gbọ́ yé jù. Èyí kì í ṣe ìdí láti má fi ààmì sórí ọ̀rọ̀: ohùn tí ó mọ Yorùbá nílò wọn.

Ọ̀rọ̀ adípò nìkan kò lè gbé ṣáàtì tí ó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ààmì káàkiri, tàbí máàpù tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ 774. Níbẹ̀, ìrísí gbogbo rẹ̀ ni a ń sọ, a sì ń fi àtẹ tàbí fáìlì òǹkà sí itòsí.

Ìdánwò tí kò ná ènìyàn lówó ni kí a ka ọ̀rọ̀ adípò náà fún ẹnìkan tí kò rí ṣáàtì náà rí, kí a sì ní kí ó fi ọwọ́ ya á sórí ìwé. Bí ó bá ya òpó mẹ́fà, tí àkọ́kọ́ ga ju gbogbo wọn lọ dáadáa, tí mẹ́ta sì dọ́gba láàrin, ọ̀rọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá béèrè pé “Mélòó ni kí n yà?”, ibi tí àtúnṣe ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ ti hàn.