Asẹ́ Ló Ń Pinnu Bí Kọfí Ṣe Máa Rí Lẹ́nu

Po kọfí kan náà, fi omi gbígbóná kan náà sí i, kí o wá fi asẹ́ bébà, ti irin àti ti aṣọ sẹ́ ẹ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wọn ò ní jọra lẹ́nu. Ohun méjì ló fà á, òróró tó wà nínú kóró kọfí àti èérún kíkúnná tó máa ń jáde nígbà tí a bá lọ̀ ọ́. Asẹ́ tó bá jẹ́ kí wọ́n kọjá, kọfí rẹ̀ á ki. Èyí tó bá dá wọn dúró, kọfí rẹ̀ á mọ́ gaara.

Bébà ló ń dá wọn dúró jù. Ní 1908, ní ìlú Dresden ní Jámánì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ife sú ìyá ilé kan tó ń jẹ́ Melitta Bentz. Ó fi ìṣó lu abọ́ idẹ ní ihò, ó ya bébà tí ọmọ rẹ̀ fi ń fa yíǹkì nílé ìwé, ó tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, ó sì da kọfí lé e. Kọfí tí a fi bébà sẹ́ máa ń fúyẹ́ lẹ́nu, adùn rẹ̀ á sì hàn ketekete. Ó tún ń gba kafẹ́sítọ́ọ̀lù, èròjà inú òróró kọfí tó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún nípa ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, bébà ni kó mú. Kí o tó da kọfí sí i, kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan án, kí o da omi náà nù, kí kọfí má baà ta bí bébà.

Ihò asẹ́ irin fẹ̀ ju ti bébà lọ, nítorí náà òróró àti èérún ń gba ibẹ̀ kọjá. Kọfí rẹ̀ ki, ó sì máa ń pẹ́ lẹ́nu, àmọ́ ẹrẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ife. Má ṣe lọ̀ ọ́ kúnná jù, jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ kí o tó mu ún, kí o sì fi ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀. Fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ asẹ́ náà, kí o gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀: ibi tí o kò bá ti rí ìmọ́lẹ̀, òróró àná ló dí i, òun ló sì ń mú kí kọfí tuntun máa ta kíkorò.

Aṣọ wà láàárín méjèèjì, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ní Bùràsílì àti Kúbà, àpò òwú tí a rán mọ́ wáyà róbótó ni wọ́n ń lò. Bí aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, ó ń dá èérún dúró, àmọ́ ó ń jẹ́ kí òróró díẹ̀ kọjá. Kọfí rẹ̀ á wá ki láìní ẹrẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni ìtọ́jú. A ó kọ́kọ́ sè é nínú omi kí a tó lò ó. A kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí òórùn ọṣẹ kì í kúrò lára rẹ̀. Bí a bá ti lò ó tán, a ó ṣàn án, a ó rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ nínú fíríìjì, a ó sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Bí omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ti di ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí aṣọ náà bá ń rùn, ó ti tó jù nù.

Ní ti owó, ẹni tó ń sẹ́ kọfí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ á lo bébà 365 lọ́dún, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó páálí mẹ́rin tí bébà 100 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ mẹ́rin lè tó o, bó bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Irin kan á lo ọ̀pọ̀ ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló wọ́n jù lọ́jọ́ tí a bá rà á. Ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ kò dúró déédéé, tí fíríìjì rẹ̀ kì í tutù fún ọjọ́ méjì, kó fi aṣọ sílẹ̀, kó ra irin.