Bí a ṣe ń kí ẹni tí kò gbọ́ràn

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, ní Kétu níbí, ẹni tí a bá kọjá lára rẹ̀ tí a kò kí, ó mọ̀ pé a kò ka òun sí. Adití tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Mísà ń rí i bí gbogbo wa ṣe ń kí ara wa, a sì kọjá lára rẹ̀. Kì í ṣe ìkórìíra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ojú rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kí i láti ẹ̀yìn. Ẹ yí wá síwájú rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn sí ojú yín. Ẹgbẹ́ yín ni ẹ lè fọwọ́ kàn léjìká. Bí ó bá jẹ́ àgbà, ẹ ju ọwọ́ níbi tí ó ti lè rí i, kí ẹ sì kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Àmì tí àwa Yorùbá ti ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kò sì nílò etí. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe wo àgbà lójú. Ojú ni adití fi ń gbọ́ràn. Bí ọmọ bá ti dojú bolẹ̀, ọ̀rọ̀ ti já. Kí ó kúnlẹ̀, kí ó wá gbójú sókè kí ó tó lanu. Ẹ sọ fún un pé àfojúdi kọ́.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e pé yóò ka ètè yín. Ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, ètè kò sì fi ohùn hàn. Bọ́ àti mọ́ rí bákan náà lẹ́nu. Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí ohun tí ẹ ń sọ.

Bàbá àgbà tí etí rẹ̀ di nígbà ogbó yàtọ̀ sí ẹni tí a bí ní adití. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì máa ń gbọ́ pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí a sọ, nítorí ìró bíi s, ṣ àti f ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sá fún irú etí bẹ́ẹ̀. Bí a bá pariwo, a ó tún ba ìró náà jẹ́ ni. Ẹ kúrò nídìí ìlù àti ẹ̀rọ, ẹ jókòó ní nǹkan bíi mítà kan sí i, kí ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá yé e, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́. Bí ó bá sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ó ń mi orí sí ohun gbogbo, ó ṣeé ṣe kí ó má gbọ́. Ẹ bi í ní ohun tí mímì orí kò lè dáhùn: “Ta ni ó bá yín wá?”

Ti adití tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ ni ọ̀gá yín. Ilé wọn ní àmì tiwọn fún oúnjẹ, fún ọjà, fún ìkíni. Ẹ ní kí ó fi hàn yín. Ìwé kò wúlò níbẹ̀.

Ẹni tó lọ sílé ẹ̀kọ́ adití ní èdè mìíràn. Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó di adití ní ọmọ ọdún 11, dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àkrà ní 1957 àti ní Ìbàdàn ní 1960, ó sì tẹ̀síwájú sí àwọn ìlú tó ń sọ Faransé, títí ọkọ̀ òfuurufú fi já pẹ̀lú rẹ̀ ní Rùwáńdà ní 1987. Àmì ọwọ́ Amẹ́ríkà tó mú wá, tó ti dà pọ̀ mọ́ Faransé, ni wọ́n ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ní èdè Amẹ́ríkà náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iwájú orí, kí ẹ gbé e jáde bíi ti ṣọ́jà: ìkíni nìyẹn. Ẹ fi orí ìka kan àgbọ̀n, kí ẹ na ọwọ́ sí ẹni náà: ẹ ṣeun. Bí ó bá fi ọwọ́ òsì kí yín, ẹ má bínú. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ni ó fi ń sọ̀rọ̀.

Ká ní aránṣọ ni, tí ẹ fẹ́ mọ ọjọ́ tí aṣọ yín yóò yá. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kí i, kí ẹ tó mú ìwé jáde. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìwé. Yorùbá tí kò gbọ́ rí lè ṣòro fún un láti kà. Gbólóhùn kúkúrú kan ti tó, ẹ fi nọ́ńbà kọ ọjọ́, kí ẹ gbé gègé náà fún un. Sakaráyà pàápàá, nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wàláà ni ó béèrè láti fi kọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí èsì aránṣọ náà bá fo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké, kì í ṣe òmùgọ̀. Èdè ọwọ́ kì í tò bí Faransé ṣe ń tò. Òun tìkára rẹ̀ ni kí ẹ gbé ìwé náà fún, kì í ṣe àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́.