Ìparí Ìdájọ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kà

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àwọn adájọ́ tó gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò ààrẹ l'Ábùjá ka ìdájọ́ wọn lórí tẹlifíṣọ̀n fún ohun tó lé ní wákàtí mẹ́wàá. Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó kà á tán. Àwọn tó ń gbọ́ ọ nílé ń bi ara wọn léèrè pé ta ló ti jàre báyìí, nígbà tí adájọ́ ṣì ń ka ohun tí agbẹjọ́rò sọ.

Kì í ṣe pé adájọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ìdájọ́ fi ń gùn. Ó gbọ́dọ̀ sọ bí ẹjọ́ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó tún àwíjàre ìhà méjèèjì wí, kí ó tọ́ka sí ìdájọ́ àtijọ́, kí ó tó wá sọ tirẹ̀. Nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tún lọ jìnnà sí i. Abala 294 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ó kọ ọ́ pé òun fara mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé adájọ́ méje lè kọ ìwé méje sínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Abala yẹn kan náà ló sọ pé ibi tí ọ̀pọ̀ wọn bá tẹ̀ sí ni ìdájọ́ ilé ẹjọ́.

Ẹjọ́ tó dára jù láti fi kọ́ bí a ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni èyí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe Alhaji Ṣéhù Ṣàgàrí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1979, ọjọ́ díẹ̀ kí ìjọba ológun tó gbé àṣẹ sílẹ̀. Òfin ìdìbò ìgbà náà ní kí ẹni tí yóò di ààrẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà. Ṣàgàrí rí iye yìí ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kánò, ìbò 243,423 ló rí nínú 1,220,763, èyí tí kò pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Awólọ́wọ̀ ní ìpínlẹ̀ 13 ni òfin ń béèrè, nítorí náà Ṣàgàrí kò wọlé.

Ẹni tó bá mú ìwé ìdájọ́ náà, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Kí ó lọ tààrà sí gbólóhùn ìkẹyìn adájọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni àṣẹ wà: ṣé ó gba ẹjọ́ olùpẹ̀jọ́ wọlé ni, àbí ó wọ́gi lé e? Kí ó kọ orúkọ àwọn adájọ́ sórí bébà, kí ó sì kọ ìdáhùn yìí sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ yìí, yóò rí i pé Adájọ́ Àgbà Atanda Fatai-Williams àti àwọn márùn-ún mìíràn wọ́gi lé e. Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ nìkan ló gba ọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀ wọlé. Mẹ́fà sí ẹyọ kan. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òǹkàwé ti mọ ẹni tó jàre, ó sì ti mọ ìwé tí yóò yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ìlòdì.

Lẹ́yìn èyí ló kan àwọn kókó ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹjọ́ gbé ara lé. Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ ni pé kí a yọ ọ̀kan kúrò, tàbí kí a yí i padà, kí a sì wò ó bóyá ìdájọ́ yóò yí. Ìbò tí Ṣàgàrí rí káàkiri orílẹ̀-èdè jẹ́ 5,688,857, ti Awólọ́wọ̀ sì jẹ́ 4,916,651. Iye yìí gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá pa á rẹ́, ìbéèrè nípa ìpínlẹ̀ 13 ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ wá wo 19. Ká ní ìpínlẹ̀ 18 ló wà ni, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 12 géérégé, Ṣàgàrí ti ní 12, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kókó pàtàkì ni 19 nígbà náà.

Iye ìbò Kánò náà rí bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò Ṣàgàrí, Olóyè Richard Akínjídé, ní ìpínlẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan ni òfin ń béèrè. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò Kánò jẹ́ 813,842. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn lé díẹ̀ ní 203,460. Ṣàgàrí ti kọjá ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìbò 200,000 ló rí ní Kánò, ìṣirò yìí kì bá tí gbà á. Bí ó bá sì jẹ́ 305,191, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìbò ibẹ̀, ẹjọ́ kì bá tí sí rárá.

Àwíjàre agbẹjọ́rò gan-an ló sábà máa ń ṣi òǹkàwé tó ń kánjú lọ́nà. Adájọ́ lè fi ojú ìwé mẹ́rin ṣàlàyé àwíjàre tí kò gbà, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Kí òǹkàwé máa wo ẹni tó ni gbólóhùn: bí a bá ti rí “agbẹjọ́rò olùpẹ̀jọ́ sọ pé,” a kò tíì dé ibi ìdájọ́. Ìgbà tí adájọ́ bá yí ohùn padà sí “lójú tèmi” tàbí “mo gbà pé” ni kí a dúró kí a kà á jẹ́jẹ́.

Ìwé adájọ́ Andrews Obaseki ló fi hàn pé kíka àbájáde nìkan kò tó. Ó wà lára àwọn mẹ́fà tó wọ́gi lé ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ láti òkè lè rò pé Awólọ́wọ̀ ló ń bọ̀ wá borí, nítorí Obaseki gbà pé ìpínlẹ̀ 13 ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19. Abala 111 òfin ìdìbò kan náà ló wá gbé ara lé, pé bí ìdìbò bá ti tẹ̀ lé òfin dé ìwọ̀n tó jọjú, a kì í tìtorí àléébù fagi lé e. Àbájáde rẹ̀ bá ti àwọn tó pọ̀ jù mu, ìdí rẹ̀ ni kò bá tiwọn mu.

Nítorí náà ni bébà tí a kọ orúkọ sí yẹn fi gbọ́dọ̀ ní ìlà méjì, ọ̀kan fún àbájáde, èkejì fún ìdí. Lórí àbájáde, mẹ́fà sí ẹyọ kan ni. Lórí ìtumọ̀ ìdá méjì nínú mẹ́ta, Obaseki dúró ti Ẹ̀ṣọ́, ó wá di márùn-ún sí méjì. Agbẹjọ́rò tó bá dìde sọ pé adájọ́ mẹ́fà ló gbà pé ìpínlẹ̀ lè jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ti ṣì í sọ.

Ìdájọ́ ìlòdì yẹ ní kíkà, nítorí ibẹ̀ ni a ti máa ń rí ibi tí ìdí àwọn tó pọ̀ jù kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n kò ní agbára láti yí ohunkóhun padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí Emeka Ihedioha bẹ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pé kí ó tún ìdájọ́ lórí ipò gómìnà Ímò yẹ̀ wò, adájọ́ Chima Nweze nìkan ló ní kí wọ́n dá ipò náà padà fún un. Àwọn mẹ́fà yòókù kọ̀ ọ́, Hope Uzodinma sì ń ṣe gómìnà rẹ̀ lọ. Ìwé Nweze dùn-ún kà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì gbóná, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gé ojú ìwé kan nínú rẹ̀, tó sì pè é ní ìdájọ́ ilé ẹjọ́, ti ṣi àwọn ẹlòmíràn lọ́nà.

Kíka kíákíá yìí tó fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí ilé ẹjọ́ sọ; kò tó fún agbẹjọ́rò tó fẹ́ lò ó níwájú adájọ́. Àkékúrú tí wọ́n ń tẹ̀ sókè nínú ìwé àkójọ ìdájọ́ náà, iṣẹ́ àwọn olóòtú ni, kì í ṣe ti adájọ́. Nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá fi ojú ìwé ìdájọ́ kan ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, ẹ béèrè orúkọ adájọ́ tó kọ ọ́, kí ẹ sì wo gbólóhùn ìkẹyìn rẹ̀, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.