Àṣẹ ni, àbí ẹ̀bẹ̀?

Ní Mẹ́dínà, láyé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, wọ́n dá obìnrin kan tó ń jẹ́ Bàrírà sílẹ̀ lóko ẹrú. Múgíìsì ọkọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrú, òfin sì fún Bàrírà láyè láti dúró tì í tàbí kó kúrò. Ó kúrò. Múgíìsì ń tẹ̀ lé e kiri ìgboro, omijé ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀. Àánú ọkùnrin náà ṣe Ànábì, ó ní kí Bàrírà kúkú padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà bi í bóyá àṣẹ ló ń pa. Ó ní rárá, ẹ̀bẹ̀ lòun ń bá a bẹ̀. Bàrírà ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́, kò sì sẹ́ni tó bá a wí.

Irú ìbéèrè yẹn la kì í sábà bi àwọn àfáà wa. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí rédíò tàbí níbi wáásí, a ti gbà pé òfin ni. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ èrò ọkàn wọn lásán, ó sì lè jẹ́ fátúwà. Ti ìdájọ́ tún yàtọ̀ sí méjèèjì.

Híńdì, ìyàwó Àbú Sùfiyáànù, wá sọ fún Ànábì pé ahun ni ọkọ òun, kì í fún òun ní ohun tó tó òun àtọmọ, àfi èyí tóun bá mú láìjẹ́ kó mọ̀. Ànábì ní kó máa mú ìwọ̀nba tó bá tó òun àtọmọ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí èsì yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá jẹ́ fátúwà ni, ìyàwó yòówù tí ọkọ rẹ̀ ò gbọ́ bùkátà lè ṣe bẹ́ẹ̀ láì dé iwájú adájọ́. Bó bá jẹ́ ìdájọ́ ni, ti Híńdì nìkan ni. Ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ. Al-Káráfì, onímọ̀ Málíkì tó kú ní Íjíbítì ní 1285, kọ odindi ìwé lórí ìyàtọ̀ yìí. Ó ní ògbufọ̀ ni ẹni tó ń ṣe fátúwà: ohun tí òfin wí ló ń túmọ̀ fún ẹni tó béèrè. Adájọ́ ní tirẹ̀ ń fi dandan lé e, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ tẹnu olùpẹjọ́ àti olùjẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọkọ kan tí inú bí, tó sọ lẹ́ẹ̀kan náà pé òun kọ ìyàwó òun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú mádíhàbù Málíkì, tí àwọn àfáà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé láti ìgbà pípẹ́, mẹ́ta ti jẹ́ mẹ́ta: kò lè fẹ́ ẹ padà àyàfi tí obìnrin náà bá fẹ́ ẹlòmíràn, tí ìyẹn náà sì tú. Ibn Taimíyà, tó kú ní Damásíkù ní 1328, ní ẹyọ kan péré ni. Ọkọ bá rí àfáà tó gba ti Ibn Taimíyà, àfáà ìyàwó sì dúró lórí ti Málíkì. Fátúwà kan ò lè fagi lé èkejì. Adájọ́ nìkan ló lè mú ọ̀kan, tí àwọn méjèèjì á sì tẹ̀ lé e. Ní Íjíbítì, òfin 1929 ti sọ pé ẹyọ kan ni, ohun tí kọ́ọ̀tù ibẹ̀ sì ń lò nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ìjọba ò dá kọ́ọ̀tù Ṣàríà sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ṣàríà tí àwọn mùsùlùmí dá sílẹ̀ fúnra wọn, bíi ti Ìbàdàn, ń parí irú aáwọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kìkì bí tọkọtaya bá jọ gbà láti wá ni. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ọwọ́ wọn ò tó o.

Ta wá ni kéèyàn bi? Wọn ò ní kí ẹni tí kò kàwé kéú máa wọn ẹ̀rí wò fúnra rẹ̀. Kó lọ bá ẹni tí àwọn onímọ̀ mọ̀ sí onímọ̀, tí ìwà rẹ̀ sì mọ́. Bí àfáà méjì bá yapa, àwọn kan ní kó tẹ̀ lé èyí tó gbà pé ó mọ̀ jù, àwọn mìíràn ní kó mú èyí tó wù ú. Èyí tí wọ́n kórìíra ni kéèyàn máa ti ọ̀dọ̀ àfáà kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi rí ẹni tó máa sọ ohun tó dùn mọ́ ọn. Èmi ò tiẹ̀ rò pé ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń béèrè nǹkan kan.

A lè dá ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ níbi ìbéèrè tirẹ̀. Lórí ìkọ̀sílẹ̀ yẹn, yóò fẹ́ mọ gbólóhùn tí ọkọ sọ gan-an, bóyá ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ rí, bí ìbínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Yóò sọ bóyá ti Málíkì lòun ń sọ tàbí ti ara òun, ojú ò sì ní í tì í láti ní òun ò mọ̀. Ìmáàmù Málíkì fúnra rẹ̀ kì í tijú bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fátúwà àtijọ́ ni wọ́n kọ ìbéèrè sókè, tí ìdáhùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀, torí orí ohun tí oníbèéèrè sọ ni ìdáhùn náà dúró lé. Ọkọ tó fi “lẹ́ẹ̀mẹta” pamọ́ ti gba fátúwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin mìíràn ló gbà.