Ọ̀gá Kìlọ̀, Síbẹ̀ Ọ̀gá Ló Sanwó

Ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ní káàdì tó kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ mìíràn sáré ìje, wọn kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà. Ẹṣin ló ń fa bọ́ọ̀sì láyé ìgbà náà, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ń du èrò mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn dẹ́rẹ́bà yìí rí bọ́ọ̀sì orogún tó ń bọ̀, ló bá ya ọkọ̀ tirẹ̀ dábùú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kejì dojú dé. Limpus tó ni ín pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́.

Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ti kìlọ̀. Ní 1862, ilé-ẹjọ́ ní ìkìlọ̀ nìkan kò yọ wọ́n. Bó bá jẹ́ torí àtirí èrò fún ọ̀gá rẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà ṣe dí ọ̀nà, iṣẹ́ ọ̀gá ló ń ṣe, bó tilẹ̀ gbé e gba ọ̀nà èèwọ̀. Bó bá jẹ́ ìbínú tara rẹ̀ ló fi ṣe é, ọ̀ràn kò kan ọ̀gá. Lójú tèmi, ìdájọ́ yìí tọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ọ̀gá ìbá kàn tẹ káàdì, wọn ìbá sì lọ sùn.

Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà tún dé kóòtù ní 1900. Bọ́ọ̀sì ti dé òpin ìrìn, dẹ́rẹ́bà kò sí nítòsí, ni kọ̀ndọ́kítọ̀ bá wà á láti yí i padà, ó sì ṣe ẹnì kan léṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé-iṣẹ́ bọ́. Owó ni wọ́n gba kọ̀ndọ́kítọ̀ láti máa gbà lọ́wọ́ èrò. Ọkọ̀ wíwà kì í ṣe ara iṣẹ́ rẹ̀ rárá.

Ti agbaṣẹ́ṣe tún yàtọ̀. Bí o bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tó dá dúró, tó ní oníbàárà mìíràn, tó sì lè kọ iṣẹ́ rẹ, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà di gbèsè rẹ. Báńkì Barclays lo dókítà kan ní Ìlú Ọba láti ṣàyẹ̀wò àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́. Àwọn 126 fẹ̀sùn kàn án pé ó fọwọ́ kàn wọ́n ní ìlòkulò. Ní 2020, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ níbẹ̀ dá báńkì láre: iye àyẹ̀wò tó ṣe ni wọ́n ń sanwó fún, kì í gba owó oṣù, ó sì ní àwọn oníbàárà mìíràn.

Àmọ́ orúkọ tí ìwé àdéhùn pe ènìyàn kò tó. Bí ìwé bá pè é ní agbaṣẹ́ṣe, tí ọ̀gá sì ń pàṣẹ àkókò, ọ̀nà àti aṣọ rẹ̀, kóòtù lè kà á sí òṣìṣẹ́. Ẹni tó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbéṣẹ́ eléwu fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lè jẹ̀bi àìbìkítà tara rẹ̀.

Nàìjíríà náà ń lo ìlànà yìí, nítorí òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a bá wọlé. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ bá gbá ọ, má kàn kọ nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan. Bèèrè ibi tí dẹ́rẹ́bà ti ń bọ̀, ẹrù ta ni ó kó, àti ẹni tó rán an.