Mẹ́lòó Nínú Mélòó? Bí Ẹgbẹ́ Aláàánú Kékeré Ṣe Ń Fi Ìtàn Òtítọ́ Tọrọ Lórí Ayélujára

Ìtàn tí ẹgbẹ́ aláàánú kékeré fẹ́ fi tọrọ owó lórí ayélujára, inú ìwé àkọsílẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú fóònù. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ bí nǹkan ṣe rí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi ìyàtọ̀ hàn nígbà tó bá yá. Ẹnu lásán ni yóò kù fún un, ẹnu lásán ló sì ń bí àsọdùn.

Ká mú ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà lábẹ́ àtíbàbà nírọ̀lẹ́, ní àdúgbò kan n'Íbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ 30 ni wọ́n gbà ní oṣù kìíní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ gbé ìpínrọ̀ kan náà síwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ péré ló kà á já. Ní ìparí oṣù kẹrin, wọ́n gbé ìpínrọ̀ mìíràn tó le bí ti àkọ́kọ́ kalẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n há a sórí. Àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ kà á, mẹ́sàn-án mìíràn náà kà á, mẹ́jọ ṣì ń kọsẹ̀, márùn-ún ti dẹ́kun wíwá.

Ibí yìí ni irọ́ ti máa ń yọ́ wọlé. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé “A ti kọ́ ọmọ 30 ní ìwé kíkà” ti purọ́. Ẹni tó bá sọ pé 17 kò purọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ti ka àwọn mẹ́jọ tó ti mọ̀ ọ́n kà tẹ́lẹ̀ mọ́ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni iye tó tọ́. Àwọn ọmọ náà sì ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ kò lè sọ pé òun nìkan ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó jáde lè rí báyìí: “Ní oṣù kìíní, ọmọ mẹ́jọ nínú 30 ló lè ka ìpínrọ̀ kan. Mẹ́sàn-án ti kún wọn báyìí. Márùn-ún kò wá mọ́, torí pé wọ́n ń bá òbí wọn tajà nírọ̀lẹ́. ₦180,000 ló wọlé: a fi ₦126,000 ra ìwé, ₦36,000 ra bẹ́ǹṣì, ₦18,000 ṣì wà nílẹ̀. ₦4,200 ni ìwé ọmọ kan. Ìwé ọmọ mẹ́wàá là ń wá báyìí.” Ẹni tó kà á mọ ohun tí owó rẹ̀ yóò rà. Orúkọ ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló yẹ kí ó wà lórí àkáǹtì náà, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Bí wọ́n bá fẹ́ sọ ìtàn ọmọ kan, àṣẹ ló ṣáájú. Òfin Nàìjíríà lórí ààbò ìsọfúnni ara ẹni, tí wọ́n ṣe ní 2023, ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ ọmọdé. Kí wọ́n sọ fún ìyá ọmọ pé ẹni tí kò mọ̀ rí lè tọ́jú àwòrán náà, àti pé bó bá kọ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní pàdánù àyè rẹ̀. Àṣẹ tí ìbẹ̀rù bá gbà kì í ṣe àṣẹ. Àwòrán ọwọ́ ọmọ lórí ìwé ti tó. Bí wọ́n bá yí orúkọ rẹ̀ padà, kí wọ́n sọ pé àwọn yí i.

Ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yóò gbà náà ní ìwọ̀n. Àkójọ tí Wasáàpù fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kì í gbà ju nọ́ńbà 256 lọ, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà ẹgbẹ́ nínú fóònù rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ ní kí àwọn èèyàn tọ́jú nọ́ńbà náà. Ohun tí wọ́n bá gbé sí Status ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Fesibúùkù ló yẹ fún ìròyìn tí àlejò yóò wá kà lẹ́yìn oṣù kan.

Ọ̀tọ̀ ni ìpè fún àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn. “Ẹ wá ràn wá lọ́wọ́” kì í mú ẹnikẹ́ni dìde. “Olùkọ́ méjì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin sí márùn-ún ààbọ̀, fún oṣù mẹ́ta” ni yóò jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá òun lè ṣe é. Bí ìpè náà bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe iye àwọn tó tẹ àmì “mo fẹ́ràn rẹ̀” ni wọn yóò kà, bí kò ṣe àwọn tó wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

Lẹ́yìn tí owó bá ti wọlé, kí ìròyìn padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n rí rà nínú mẹ́wàá. Kí ẹni tó bá sì rí irú ìtọrọ bẹ́ẹ̀ bèèrè nǹkan méjì kó tó fowó ránṣẹ́: mélòó nínú mélòó, àti èló ló kù nílẹ̀?